Sífí mi ti di ojú ewé mẹ́ta, ojú ewé kan ni wọ́n ní ká mú wá, ẹ gbà mí o

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fojú sí nǹkan kan. Màìkírọ́báyọ́lọ́jì ni mo kà n'Ífẹ̀, mo wọlé ní 2018, mo jáde ní 2024, mo sì sìnrú ìlú tán ní bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ l'Ọ́tà ń wá èèyàn sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò kó tó jáde, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé sífí ò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Tèmi jẹ́ mẹ́ta. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé mi ò tíì ṣiṣẹ́ gidi kankan rí láyé mi, àítì oṣù mẹ́fà nílé iṣẹ́ piọ́ wọ́tà kan n'Íbàdàn àti tíṣà tí mo ṣe l'Ékìtì nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ó tán. Báwo ló ṣe wá jẹ́ mẹ́ta? Ojú ewé àkọ́kọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, pé mi ò tíì lọ́kọ, gbogbo ilé ìwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ìkejì: sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí mo ṣe ní Wáẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú èsì wọn, gbogbo sẹ́tífíkéètì tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ni àítì àti tíṣà yẹn. Ìkẹta: ohun tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe, ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ìbúra pé òótọ́ ni mo sọ, àti ibi tí mo fọwọ́ sí. Mo dín lẹ́tà kù sí 8, ó di ojú ewé kan àbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun ò lè kà á lórí fóònù àfi kóun wá awò. Kí ni kí n yọ, kí ni kó wà lókè?

Káyọ̀dé Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà
Sísítà, ọ̀rọ̀ ẹ ò le rárá. Iwájú géètì iléèwé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, sífí tí mo ti tẹ̀ ò níye. Ohun tó wà lóde báyìí ni téńpìlẹ́ẹ̀tì olópòó méjì: òpó tínrín lápá òsì, àwọ̀ búlúù, fọ́tò ẹ lókè, nọ́ńbà fóònù àti íméèlì lábẹ́ ẹ̀, kí àwọn nǹkan tó o mọ̀ ọ́n ṣe wá wà nínú ìlà tó ní róńdó márùn-ún tá a kun mẹ́rin nínú ẹ̀. Òpó ńlá ló máa gba ìyókù. Tó o bá pín in báyẹn kò sí ohun tí kò ní wọ ojú ewé kan. Kó o sì yọ Wáẹ́ẹ̀kì alálàyé yẹn, ìlà kan ti tó o. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mò ń gbà, ti ìwọ á dín.

Dókítà Olùkọ́
Mi ò mọ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yìí pé sífí gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ewé kan. Tèmi jẹ́ mẹ́rìndínlógún, gbogbo àpilẹ̀kọ mi, gbogbo ìpàdé tí mo ti sọ̀rọ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bójú tó ló wà níbẹ̀, òun náà ni mo fi gba ìgbéga. Ẹ má gé nǹkan kan kúrò o. Ohun tí èèyàn bá ti ṣe, kó kọ ọ́.

Màmá Ìbejì Agbára
Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ti fásitì lẹ sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún, gígùn ẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Àmọ́ iṣẹ́ fásitì kọ́ lọmọ yìí ń wá. Ilé iṣẹ́ tó ní ojú ewé kan, tí wọ́n bá rí méjì, wọ́n lè má tiẹ̀ ṣí i, wọ́n á ní ẹni tí kò ka ìlà méjì ìpolówó wa yé, ṣé òun la máa fún ní ìwé ìlànà ẹ̀rọ?

Àṣàkẹ́, ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbi tí sífí ń gbà wọlé nílé iṣẹ́ oúnjẹ, mi ò ní dárúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó ń kà á délẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó pọ̀ jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta lókè ìwé lojú mi ń bọ́ sí, ohun tí mò ń wá níbẹ̀ sì ni kí ló kà àti pé kí lèsì ẹ̀, ṣé ó ti sìnrú ìlú tán, ṣé ó ti fọwọ́ kan irú ohun tí à ń ṣe rí. Tí mo bá rí i, màá ka ìyókù. Nínú tìẹ, ẹ̀sìn àti ìjọba ìbílẹ̀ ló jókòó sórí àga yẹn, àítì tó jẹ́ pé òun ni mò ń wá wà ní ojú ewé kejì lábẹ́ sẹ́tífíkéètì ṣọ́ọ̀ṣì.

Má fọwọ́ kan lẹ́tà mọ́, fi í sí 11, tàbí 10 àbọ̀ tó bá le. Ìlà ni kó o máa kà, bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún pé kó lọ fi ṣọjà ọ̀sẹ̀ kan. Tó o bá lo Calibri 11 lórí ìwé A4, tó o fi sẹ̀ǹtímítà méjì méjì sílẹ̀ yí ìwé ká, tí ìlà ò sì fẹ̀ síra, ìlà tó máa wọ̀ ọ́ ò ju bíi 54 lọ. Yọ bíi mẹ́wàá kúrò fún àlàfo láàrin abala kan sí èkejì, torí ìwé tí kò ní àlàfo máa ń rẹ ojú. Ó ku 44. Ìyẹn lowó ọjà ẹ.

Kí n tó pín in, sọ fún mi ohun tó o ṣe gan-an nílé iṣẹ́ omi yẹn. Má sọ pé o kọ́ nǹkan púpọ̀. Tó o bá dé láàárọ̀, kí lo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn?

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Ẹ ṣé gan-an mà. Tí mo bá dé láàárọ̀, màá bu omi látinú táńkì àti lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń di omi, màá wo pH ẹ̀, tí kò bá sí láàrin 6.5 sí 8.5 màá pe ọ̀gá láàbù. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ la máa ń ṣe é, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án, àti kí wọ́n tó tì í pa. Lẹ́yìn ìyẹn màá da díẹ̀ sínú àwo láàbù, màá gbé e sínú ẹ̀rọ amóoru ní 37°C, a máa ka kòkòrò tó bá hù níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìwé ńlá kan wà tá a ń kọ gbogbo ẹ̀ sí torí àwọn Náfùdáàkì máa ń béèrè ẹ̀ tí wọ́n bá yọjú. Ìgbà kan wà tí kòkòrò pọ̀ nínú omi ọjọ́ méjì léraléra, èmi ni mo sọ pé ká lọ wo fílítà, a bá a pé ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ka nǹkan.

L'Ékìtì, sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́ àwọn JSS 2. Yàtọ̀ síyẹn kò sí nǹkan kan o. Mo kàn ń ṣe sóbò tà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ìyẹn ò sí nínú sífí náà torí kì í ṣe iṣẹ́.

Màmá Ìbejì Agbára
Yéè! Àṣàkẹ́! O fi jẹ́lé-ó-sinmi sínú ìwé, o yọ sóbò kúrò, ilé iṣẹ́ oúnjẹ lo sì ń kọ̀wé sí!

Ó dáa, jókòó. Orúkọ ẹ ló máa wà lókè pátápátá, lẹ́tà 16 tàbí 18, kó gba ìlà méjì. Lábẹ́ ẹ̀, ìlà kan ṣoṣo: nọ́ńbà fóònù kan tó ń wọlé, íméèlì tó jẹ́ orúkọ ẹ (mo ti rí ẹni tó fi íméèlì tó ń jẹ́ ọmọge-tó-rẹwà kọ̀wé wá, ó rẹwà lóòótọ́ o, a rí i nígbà tó yá), àti ìlú tó ò ń gbé. Ìlú nìkan ti tó, a ò fẹ́ mọ nọ́ńbà ilé. Tó o bá wà nílùú míì yàtọ̀ sí Ọ̀tà, fi kún un pé o ṣe tán láti kó wá, torí àwọn kan wà tí wọ́n máa gbé sífí ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ọ̀nà tó jìn, láì bi ọ́.

Ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni kó o fi sọ irú ẹni tó o jẹ́. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kọ pé òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èèyàn, mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wàhálà. Gbogbo yín lẹ kọ ọ́. Èdè Òyìnbó lo máa fi kọ tìẹ, àmọ́ báyìí ni kó ṣe rí: "Mo gboyè nínú màìkírọ́báyọ́lọ́jì, mo ti sìnrú ìlú tán, mo fi oṣù mẹ́fà yẹ omi mímu wò nínú láàbù ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà nílé iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń wá." Nǹkan mẹ́ta tí mò ń wá lókè ti wà níbẹ̀ kí n tó mí.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀kọ́. Ìlà márùn-ún: oyè àti fásitì, èsì, àkọlé pùrójẹ́ẹ̀tì ẹ, Wáẹ́ẹ̀kì ní ìlà kan pé o gba kírẹ́dìtì mélòó, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, tán. Kò sí pírámárì. Ẹni tó ní fásitì, a mọ̀ pé ó lọ pírámárì.

Àítì ni kó gba ilẹ̀ jù, ìlà mẹ́wàá. Ìlà àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tó o ṣe àti orúkọ ilé iṣẹ́, kí oṣù àti ọdún wà lápá ọ̀tún pátápátá. Lẹ́yìn náà àmì róńdó mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kó máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: yẹ omi wò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí o dárúkọ pH yẹn. Ka kòkòrò inú omi lẹ́yìn tó sun inú ẹ̀rọ ní 37°C. Kọ èsì sínú ìwé tí Náfùdáàkì ń yẹ̀ wò. Ìkẹrin ni fílítà yẹn, òun sì lọba gbogbo ẹ̀: kòkòrò pọ̀ lọ́jọ́ méjì léraléra, o tọpa ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ fílítà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. O bi mí bóyá ó ka nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà ọ́ sí gan-an nìyẹn.

Tíṣà, ìlà mẹ́fà. Sóbò, ìlà márùn-ún. Ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe, ìlà mẹ́rin, kó jẹ́ ohun èlò láàbù tó o ti fọwọ́ kàn àti Excel tó o bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ìsìnrú ìlú, ìlà kan, pẹ̀lú ọdún tó o gba ìwé ẹ̀rí. Ro ó pọ̀.

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
2, 1, 3, 5, 10, 6, 5, 4, 1. Ó jẹ́ 37 mà. Ó ṣẹ́ méje kù!

Màmá Ìbejì Agbára
Àkọlé abala kọ̀ọ̀kan ló máa jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ́, Ìrírí, Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà kan kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má wá ẹ̀sìn mú padà.

Ṣọlá Pólì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Pólì ni mo lọ, mo ṣe ọdún kan àítì láàrin OND àti HND, lówà kírẹ́dìtì ni mo fi jáde. Ẹ ní kéèyàn kọ èsì, ṣé èmi náà á kọ ọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn kọ HND kí n máa lọ, pé wọ́n á bi mí tí wọ́n bá fẹ́.

Màmá Ìbejì Agbára
Ṣọlá, ọ̀rọ̀ tìẹ ò rọrùn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ọ́pà kírẹ́dìtì ni wọ́n fẹ́ ó kéré tán, bóo kọ ọ́ bóo ò kọ ọ́, wọ́n á mọ̀. Tí wọn ò bá sọ, èmi tí mo bá rí oyè tí kò lésì, èyí tó burú jù lọkàn mi máa ń lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà lọ́fíìsì tó jẹ́ pé kò kàn án rárá. Àmọ́ ìwọ ní ọdún kan gbáko nílé iṣẹ́, Àṣàkẹ́ ní oṣù mẹ́fà. Gbé ìrírí sókè, kí ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ ẹ̀, kí ojú wọn ti kún kí wọ́n tó dé ibi lówà yẹn. Irọ́ kọ́ ni, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni.

Dàmọ́lá Ṣẹ́fíìlì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àṣàkẹ́, ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, fọ́tò, ẹ̀sìn, kúrò kúrò kúrò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí o, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́, òfin wà látọdún 2010 tó ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn ṣojúsàájú, àwọn ilé iṣẹ́ ò tiẹ̀ fẹ́ rí i kó má di ọ̀rọ̀ kóòtù. Àwọn ẹlẹ́rìí náà, yọ wọ́n, ìlà mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ. Kó o má sì tún kọ pé wàá fún wọn lórúkọ ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá béèrè. Ta ni wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò ní fún wọn?

Bàbá Àgbà Àkúrẹ́
Dàmọ́lá ọmọ mi, Ṣẹ́fíìlì lo wà. Mo fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí ọmọ yìí bá kọ̀wé síbi iṣẹ́ ìjọba láì kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ìpín ìpínlẹ̀ tó máa bọ́ sí? Ó wà nínú òfin ilẹ̀ wa pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ rí ara wọn nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni pàápàá ń kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn ò fẹ́ ẹni tó ti ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ orí ẹ̀, ṣé wọn ò ní rò pé ó ti dàgbà ni? Àti ìfọwọ́sí, ìwé tí kò ní ìfọwọ́sí, ìwé àìlórúkọ ni.

Dàmọ́lá Ṣẹ́fíìlì
Bàbá ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ ni ti ìjọba sà, mo gbà. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń gba ìyẹn, kì í ṣe sífí.

Bàbá Àgbà Àkúrẹ́
Wọ́n ń gba méjèèjì.

Màmá Ìbejì Agbára
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ti ìjọba, mi ò bá yín jiyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá kọ òté ọjọ́ orí sínú ìpolówó, kó fi ọjọ́ ìbí sí ìlà kan náà pẹ̀lú íméèlì. Tí wọn ò bá kọ ọ́, kó yọ ọ́. Ẹ̀sìn àti ọkọ, èmi ò rí ibi tó kàn mí nínú kíka kòkòrò. Sífí lè jẹ́ méjì lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún èmi.

Ohun kan ṣì wà tẹ́nì kankan ò tíì sọ. Àṣàkẹ́ kọ ọ́ pé 2018 lòun wọlé, 2024 lòun jáde, ìwé ọdún mẹ́rin sì ni. Ẹni tó bá wò ó láìronú, á ní ó tún kíláàsì kà. Gbogbo wa mọ̀ pé Ásúù ni, oṣù tó lé ní mẹ́jọ lọ́dún 2020, oṣù mẹ́jọ míì lọ́dún 2022, pẹ̀lú Kòrónà. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyanṣẹ́lódì nínú sífí o. Ọdún tó o jáde nìkan ni kó o kọ.

Káyọ̀dé Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà
Mo ń ka gbogbo ẹ̀. Màmá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan lórí òpó méjì tí mo dárúkọ. Kí ló burú níbẹ̀? Àwọn kọ́sítọ́mà mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Màmá Ìbejì Agbára
Káyọ̀dé, mú ọ̀kan nínú èyí tó o ti ṣe. Ṣí PDF ẹ̀, tẹ `Ctrl+A`, tẹ `Ctrl+C`, ṣí `Notepad`, tẹ `Ctrl+V`. Kó o sọ ohun tó o rí fún wa. Má parọ́.

Káyọ̀dé Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà
Ha. Orúkọ kọ́sítọ́mà ò sí lókè mọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ti wọ àárín ibi tó ti ṣiṣẹ́, ìlà kan ti òsì ìlà kan ti ọ̀tún, bí ẹni tó da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ìrẹsì. Róńdó márùn-ún yẹn ò jáde rárá. Mo tún gbé èkejì tí mo fi fóònù àti íméèlì sí àyè orí ìwé ní Word, tí mo bá fi kọ́sọ̀ fa ibi tọ́rọ̀ wà nínú ojú ewé, nọ́ńbà ò bá a wá.

Màmá Ìbejì Agbára
Ìdí tí mo fi ní kó o wò ó nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba sífí lórí sáìtì ní ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde kó tó dé ọwọ́ èèyàn, òun ló ń to orúkọ síbi orúkọ, fóònù síbi fóònù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dàrú tí wọ́n bá rí òpó méjì, àwọn kan mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ ìwọ tó ò ń kọ̀wé ò ní mọ èyí tí wọ́n ń lò. Òpó kan, láti òkè wá sílẹ̀, kò sí èyí tí ò ní kà á. Róńdó tá a kun mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ta ló fún un ní mẹ́rin? Tó bá jẹ́ íméèlì lásán lèèyàn fi ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kékeré kan tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, òpó méjì ò pa ẹnì kankan lára.

Ẹni tó jẹ́ fóònù ló ń lò, kó di gbogbo ọ̀rọ̀ inú PDF mú, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Wásáàpù, kó fi ránṣẹ́ sí ara ẹ̀, ohun kan náà ni. Tí kò bá tiẹ̀ ṣeé dì mú, a jẹ́ pé fọ́tò ìwé ló yà, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Mo ti ṣe é lópòó kan mà, orí fóònù ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ báyìí ni àwọn oṣù àti ọdún tí ẹ ní kó wà lápá ọ̀tún. Mo fi sípéèsì tì í débẹ̀, ó tò dáadáa lórí fóònù mi, nígbà tí mo ṣí i lórí látọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ọ̀kan lọ síwájú ọ̀kan sá sẹ́yìn, ọ̀kan tiẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tún ju ojú ewé kan lọ.

Káyọ̀dé Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà
Èyí lágbára mi, ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan sọ jàre. Má fi sípéèsì ti nǹkan mọ́ láyé ẹ. Gbé e wá sórí látọ́ọ̀pù. Ìwé A4 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, o fi méjì sílẹ̀ lósì, méjì lọ́tùn-ún, ó ku 17. Di gbogbo ìwé náà mú, tẹ ọfà kékeré tó wà ní ìgun `Paragraph`, tẹ `Tabs`, kọ `17 cm`, mú `Right`, tẹ `Set`, kó o tẹ `OK`. Tó o bá ti wá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tán, pa gbogbo sípéèsì yẹn rẹ́, tẹ `Tab` lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o kọ oṣù. Á lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbọn-ingbọn-in, kò síbi tó ń lọ.

Bákan náà ni àlàfo láàrin abala. Mo mọ̀ pé `Enter` lo ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Ìlà kan gbáko ni `Enter` kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú owó ọjà tí màmá fún ẹ. Nínú `Paragraph` kan náà, sí iwájú àkọlé kọ̀ọ̀kan fi `6 pt` sí `Before`, kò tó ìdajì ìlà, ojú sì máa rí i pé nǹkan míì ti bẹ̀rẹ̀.

Tó o bá ṣe tán, `Save As`, kó o mú PDF. Má gbé Word ránṣẹ́, torí fọ́ǹtì tó wà lọ́dọ̀ ẹ lè má sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rọ wọn á fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, ìlà á sún. Mo ti rí i nínú ṣọ́ọ̀bù mi ju bí mo ṣe lè kà lọ, èèyàn á gbé ojú ewé kan wá, yóò tẹ̀ jáde ní méjì, á ní ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Àfi tí wọ́n bá sọ lójú ìpolówó pé Word làwọn fẹ́ o.

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Bọ̀dá Káyọ̀dé, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ó ti wọlé! Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ẹ wo sóbò mà, mo kọ ọ́ báyìí: "Mo dá òwò sóbò sílẹ̀, mo ń ta ọgọ́rùn-ún ìgò lọ́sẹ̀, mo sì mú èrè gòkè ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

Màmá Ìbejì Agbára
Ọgọ́rùn-ún ìgò lọ́sẹ̀? Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì?

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Ó tó bí ogójì mà. Wọ́n ní ká máa fi nọ́ńbà sí i ni.

Màmá Ìbejì Agbára
Kọ ogójì. Tó o bá dé iwájú mi ní ìntáfíù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé sóbò lítà mélòó lò ń sè lẹ́ẹ̀kan, ìgò ẹ gba mélòó, ta ló ń bá ẹ gbé e. Ọgọ́rùn-ún máa fọ́ mọ́ ẹ lórí níbẹ̀. Èrè ìdá àádọ́ta yẹn, ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan? Tí kò bá sí ìwé ẹ̀, yọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ rí ni ohun tó o ṣe kí sóbò náà má bàa kan. Báwo lo ṣe ń ṣe é?

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Màá fi omi gbígbóná fọ ìgò, màá rọ sóbò sí i ní gbígbóná, màá dé e, màá kọ ọjọ́ tí mo sè é sára ìgò, èyí tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì mi ò kì í tà á mọ́. A máa ń mu ún ni.

Màmá Ìbejì Agbára
Kọ ìyẹn. Yọ ti mímu.

Ṣọlá Pólì
Mo ti gbé ìrírí sókè bí ẹ ṣe wí, mo ṣì ń ro ti lówà yẹn. Mo ṣe méjì, ọ̀kan ní èsì, ọ̀kan ò ní. Mo máa pín in káàkiri, màá padà wá sọ èyí tí wọ́n pè mí lé lórí.

Àṣàkẹ́ Ifẹ̀
Mo ti fi ránṣẹ́ mà. Mo sọ fáìlì náà lórúkọ mi àti iṣẹ́ tí mò ń wá, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ `CV new final 3 (1)`. Ìlà márùn-ún ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Màmá mi rí i, ó ní ìwé náà ṣófo, pé ibo ni mo fi sẹ́tífíkéètì ṣọ́ọ̀ṣì sí.

Bàbá Àgbà Àkúrẹ́
Ó fọwọ́ sí i ṣá?